Rédíétọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná tí òkè rẹ̀ sì tutù: báwo ni a ṣe ń tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀?

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé, mo sì kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti ilé wa níbí, nítorí ooru ni à ń sá fún ní Ìjẹ̀bú, a kì í wá ohun tí yóò mú yàrá gbóná. Tìtí ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mánṣẹ́sítà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n sì jọ gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ibi bọ́ílà, rédíétọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Lálẹ́ àná ó pè mí lórí fídíò, ó gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀ yàrá rẹ̀ kí n lè rí ohun tí ó ń sọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná débi pé kò lè fi ọwọ́ sí i pẹ́, ṣùgbọ́n láti ìdajì rẹ̀ lọ sókè, ńṣe ni ó tutù bí òkúta inú odò. Yàrá kejì tí ó wà lókè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ ilé kò sì ní wàhálà kankan. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni ó há sínú rẹ̀, pé kí ó ra kọ́kọ́rọ́ kékeré kan kí ó fi tú u sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí omi gbígbóná má bọ́ sí i lára, ẹ̀rù sì ń ba òun náà kí ó má ba ilé onílé jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí kí ó bá mi là á yé.

Mẹkáníìkì Ìyànà Ṣágámù

Ìyá mi, ẹ kú àìsùn ọmọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni èyí, kò sì le rárá. Ẹ ní kí ó ṣí ìdérí rédíétọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ó bu omi kún un, kí ó wá tan ẹ́ńjìnnì láìtíì dé ìdérí padà. Yóò rí i tí afẹ́fẹ́ yóò máa hó jáde bí ìfófó, omi yóò sì máa lọ sílẹ̀, kí ó máa bu omi sí i títí tí yóò fi dúró sójú kan. Bí híítà inú ọkọ̀ náà bá ti ń fẹ́ ooru dáadáa, afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, rédíétọ̀ ilé ni Ìyá ń sọ, kì í ṣe ti ọkọ̀.

Ìyá, ẹ má fòyà, mo máa ń ṣe é nílé mi lọ́dọọdún. Bí ó bá wo etí rédíétọ̀ náà lápá òkè, yóò rí nọ́ọ̀tì kékeré kan tí orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, tí ó rì sínú ihò. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò wọ́n, ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà ni yóò ti rí i rà. Kí ó tan bọ́ílà kí ó gbóná dáadáa, nítorí ooru ni ó ń ti afẹ́fẹ́ lọ sókè, kí ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà yí nọ́ọ̀tì sí apá òsì. Yóò gbọ́ ṣíì, bí ẹni pé táyà ń jò. Nígbà tí omi bá yọ, kí ó yí i padà sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà kí ó lọ wo gééjì tí ó wà lójú bọ́ílà, bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kí ó fi omi kún un títí yóò fi wà láàárín 1 sí 1.5. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Mo kí yín, Ìyá Tìtí. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ọdún 26 ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà sílé, ilé tí mo sì ti tú afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò níye. Ohun tí Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ sọ dára ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún ibi kan ṣe níbẹ̀ kí ọmọ yín tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ tan bọ́ílà, ṣùgbọ́n nítorí kí a lè mọ rédíétọ̀ tí òkè rẹ̀ tutù ni a ṣe ń tàn án. Bí a bá ti fi ọwọ́ yẹ gbogbo wọn wò tí a sì ti mọ èyí tí ó ní àìsàn, pípa ni a máa ń pa á, a ó sì dúró tó wákàtí kan kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Afẹ́fẹ́ kò nílò ooru kí ó tó lọ sókè, ó fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ni yóò máa wà yálà omi gbóná tàbí ó tutù. Ìdí tí a fi ń pa á jẹ́ méjì. Èkíní ni omi gbígbóná tí ẹ ń bẹ̀rù, tí ó lè bó ọwọ́ ènìyàn. Èkejì ni páǹpù tí ó ń ti omi yí ilé ká. Páǹpù a máa ti omi níwájú, a sì máa fa omi lẹ́yìn, bí rédíétọ̀ tí a ṣí bá sì bọ́ sí apá ibi tí páǹpù ti ń fà, afẹ́fẹ́ inú yàrá lè gba ihò náà wọlé, a ó wá máa fi ọwọ́ ara wa kún ohun tí a fẹ́ mú kúrò.

Bí ó bá wá fẹ́ ṣí i, kí ó fi abọ́ kékeré sábẹ́ nọ́ọ̀tì náà, kí ó ká àkísà tí kò ṣeé ṣàánú mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́, nítorí omi inú rédíétọ̀ àtijọ́ a máa dúdú bí omi aró, bí ó bá sì kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, kì í fọ̀ kúrò. Kí ó yí i sí apá òsì ní ìdá mẹ́rin àyíká kan, bí kò bá dún, kí ó fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí ó ju ìdajì àyíká lọ. Mo ti rí ẹni tí ó tú nọ́ọ̀tì náà kúrò pátápátá, tí kò lè dá a padà nítorí omi ń ta sí i lójú, tí ó fi àtàǹpàkò dí ihò náà títí mo fi dé. Yóò gbọ́ afẹ́fẹ́ tí ń jáde, lẹ́yìn náà omi yóò máa tu pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà omi nìkan yóò máa ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ìgbà tí ó bá ń ṣàn bẹ́ẹ̀ ni kí ó tó dé e, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ yọ, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì máa ń kù lẹ́yìn ẹ̀kán àkọ́kọ́ yẹn. Kí ó má sì fi agbára fún un jù bí ó bá ń dé e, idẹ ni nọ́ọ̀tì náà, orí rẹ̀ a máa tètè jẹ.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ó dá mi lóhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ gééjì tí ó ní abẹ́rẹ́ wà lójú bọ́ílà wọn tàbí lára páípù tí ó wà nítòsí rẹ̀? Tàbí ńṣe ni táǹkì kékeré kan wà ní àjà ilé lókè? Ilé àtijọ́ ni ẹ pè é, ìdáhùn yẹn ni yóò sì sọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà.

Ìyá Ìbejì Òdè Rẹ́mọ, Bámíńgámù

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi náà ní irú ìṣòro yìí ní pálọ̀ mi láti ọdún tó kọjá. Òkè rédíétọ̀ náà gbóná, etí rẹ̀ méjèèjì gbóná, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ tutù. Mo ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, omi ni ó ń yọ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀. Ṣé kí n ṣí i pẹ́ sí i ni?

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Rárá, ọmọ mi, má ṣí i mọ́. Tìrẹ kì í ṣe afẹ́fẹ́. Irin tí ó ti dógùn-ún nínú rẹ̀ ni ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a sì máa wúwo, àárín ìsàlẹ̀ ni ó máa ń sùn sí, omi gbígbóná kò wá rí ibẹ̀ gbà kọjá mọ́. Wọ́n ní láti tú rédíétọ̀ náà kúrò lára ògiri, kí wọ́n gbé e síta, kí wọ́n fi rọ́bà omi fọ inú rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́. Kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí i, omi ni ìwọ ń dín kù nínú ẹ̀rọ yín ní gbogbo ìgbà tí o bá ṣí i.

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Tìtí ti ṣe é kí n tó ka ìbéèrè yín fún un, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ kò bá ohun tí ẹ kọ mu, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Ó pa bọ́ílà, ó dúró wákàtí kan, ó fi àkísà àti abọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Nígbà tí ó ṣí èyí tí ó wà ní yàrá rẹ̀, ó gbọ́ ṣíì, ó sì dúró, ó dúró, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, omi kò yọ. Ó dé e, ó lọ ṣí ti yàrá kejì, bákan náà ni. Ó wá sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí ti pálọ̀ nísàlẹ̀, omi tú jáde lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára. Nígbà tí ó tún tan bọ́ílà, rédíétọ̀ yàrá rẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ gbóná tẹ́lẹ̀ wá tutù pátápátá.

Ó ní òun kò rí gééjì kankan lójú bọ́ílà. Ó ní ihò àjà kan wà lókè àtẹ̀gùn tí wọ́n fi pákó dé, òun kò tíì gun ibẹ̀ rí.

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Ẹ ní kí ó pa bọ́ílà náà nísinsìnyí, kí ó má sì ṣí rédíétọ̀ òkè kankan mọ́ títí tí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣíì tí ó gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé ni, kì í ṣe èyí tí ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n gbé táǹkì omi sórí òpó irin lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi bá kún táǹkì náà, ẹ ó ṣí ẹ̀rọ omi lókè, omi yóò jáde, nítorí omi inú táǹkì ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, ìwúwo rẹ̀ ni ó sì ń tì í. Bí iná kò bá sí fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ kò rí omi fà láti inú kànga, tí táǹkì sì gbẹ, omi tí ó kù nínú páípù yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe ń pọn ọ́n. Ní ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ òkè nígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn omi, ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń fa ọwọ́ yín mú. Ti ìsàlẹ̀ yóò sì ṣì máa yọ omi, nítorí omi tí ó kù nínú páípù ṣì ga jù ú lọ.

Bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Omi rédíétọ̀ wọn kò ní gééjì, táǹkì kékeré kan ní àjà ni ó ń fún un ní omi. Bọ́ọ̀lù kan ń léfòó nínú táǹkì náà, bí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ lé e, yóò ṣí ẹnu omi kí omi tuntun lè wọlé. Ṣùgbọ́n omi rédíétọ̀ kì í tètè dín kù, bọ́ọ̀lù náà lè wà lójú kan fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láìmira, ìdí rẹ̀ yóò wá gan. Ní ọjọ́ tí omi bá wá lọ sílẹ̀ lóòótọ́, bọ́ọ̀lù kò ní lè bọ́ sílẹ̀ mọ́, táǹkì yóò gbẹ, rédíétọ̀ òkè ilé ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn. Rédíétọ̀ méjì tí ó wà lókè ni ó ṣàìsàn, ti ìsàlẹ̀ kò sì ṣe ohunkóhun, ohun tí ó mú mi béèrè nípa táǹkì nìyẹn.

Kí ó yẹ̀ ẹ́ wò báyìí kí ó lè dá a lójú. Kí ó ya tísù pẹlẹbẹ kan, kí ó fi omi rin ín díẹ̀, kí ó fi sí ẹnu ihò ibi tí nọ́ọ̀tì wà, kí ó ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ó sì dé e. Bí tísù bá ń fẹ́ sóde, afẹ́fẹ́ ń jáde. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ihò náà tí ó sì ń wọnú lọ, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Lẹ́yìn náà kí ó pe onílé kí ó sọ fún un, nítorí ilé rẹ̀ ni, ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe ṣí ara bọ́ílà fúnra rẹ̀, àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì nìkan ni òfin gbà láyè kí wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí gáàsì wà. Ti omi àti rédíétọ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, mo dúpẹ́ pé ẹ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Èmi kò mọ̀ pé irú méjì ni ó wà, ilé tí gééjì wà lójú bọ́ílà rẹ̀ nìkan ni mo ti gbé rí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá dàbí tèmi, nítorí tèmi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nínú ilé irú èyí, omi inú rédíétọ̀ kò ní táǹkì tí ó ń kún un padà, ohun tí ènìyàn bá tú jáde ti jáde nìyẹn. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo tú rédíétọ̀ mẹ́fà ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì lọ sùn. Ní òwúrọ̀, bọ́ílà kò tàn, abẹ́rẹ́ gééjì ti lọ sílẹ̀ sí 0.4. Lábẹ́ bọ́ílà ni mo ti rí rọ́bà tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ hun ara rẹ̀, tí fáàfù kékeré wà ní ìdí rẹ̀ méjèèjì. Mo ṣí wọn díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ bí omi ṣe ń wọlé, nígbà tí abẹ́rẹ́ dé 1.3 mo dé méjèèjì.

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

O ṣe é dáadáa. Dídé méjèèjì yẹn ṣe pàtàkì ju ṣíṣí wọn lọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé, omi yóò máa wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn lóru, abẹ́rẹ́ yóò máa gun òkè, bí ó bá sì dé nǹkan bí 3, fáàfù ààbò yóò ṣí, omi yóò máa dà sí ìta nípasẹ̀ páípù tí ó gba ara ògiri jáde. Ẹni tí ó bá rí i pé omi ń kán láti ara ògiri ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó tú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, Ọlọ́run yóò bá wa dá yín sí. Tísù náà lẹ̀ mọ́ ihò, ó sì fà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Tìtí yí kámẹ́rà sí i, èmi fúnra mi rí i láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Ó pe onílé, onílé náà sì ní kí ó gun àjà wò, pé òun kò lè tètè dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ di àkàsọ̀ mú fún un, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Táǹkì méjì ni ó bá níbẹ̀, ńlá kan àti kékeré kan. Ti ńlá kún fún omi. Ti kékeré gbẹ pátápátá, ẹrẹ̀ pupa gbígbẹ kan ni ó kù sí ìdí rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì dúró gbọnin sókè bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ibẹ̀. Kí ni kí ó ṣe sí i?

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Ó ṣe ohun tí ó tọ́. Ti ńlá kò kan rédíétọ̀, ilé ìwẹ̀ ni ó wà fún. Kí ó ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè yẹn, orí igi gbọọrọ nìkan ni kí ó máa tẹ̀, nítorí páálí tí ó wà láàárín àwọn igi náà kò lè gbé ènìyàn, ó lè já bọ́ sínú yàrá.

Kí ó di irin tí ó so mọ́ bọ́ọ̀lù náà mú, kí ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó gbé e sókè, kí ó tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, omi yóò ta jáde. Bí kò bá ta, kí ó má fi agbára fún un, irin náà lè kán sí i lọ́wọ́, kí ó fi í sílẹ̀ de púlọ́mbà onílé. Bí omi bá ń wọlé, kí ó dúró tì í, nítorí táǹkì yìí kò gbọdọ̀ kún dé ẹnu. Bí omi rẹ̀ bá tutù, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ ti tó, nítorí omi rédíétọ̀ a máa wú bí ó bá gbóná, ó sì ní láti rí àyè tí yóò wú sí. Bí omi bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tí bọ́ọ̀lù kò sì dá a dúró, kí ó sọ fún onílé lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí omi bá ti dúró, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé, kí ó máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí òkè. Omi tuntun tí ń sọ̀kalẹ̀ yóò máa lé afẹ́fẹ́ síwájú rẹ̀, òkè sì ni afẹ́fẹ́ náà yóò parí sí. Bọ́ílà gbọ́dọ̀ wà ní pípa títí yóò fi parí.

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti ṣe é! Ìgbà kẹrin tí ó tẹ irin náà sílẹ̀ ni omi ta jáde, ó kọ́kọ́ pupa, lẹ́yìn náà ó mọ́. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nínú táǹkì, nítorí ńṣe ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bí ó ti ń wọlé. Rédíétọ̀ méje ni ó wà nínú ilé náà, ó tú mẹ́ta ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kò pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ó dé yàrá rẹ̀, ó fi tísù dán an wò, tísù fẹ́ sóde. Ó ní afẹ́fẹ́ náà mí fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, ó ń rùn bí irin àtijọ́, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu, tí ó sì wá ṣàn. Lálẹ́ yẹn ó gbé ọwọ́ lé òkè rédíétọ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ wò ó, ó gbóná." Mo sunkún díẹ̀, nítorí mo mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára bí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé.

Mẹkáníìkì Ìyànà Ṣágámù

Ẹ kú oríire, Ìyá mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé mo ṣi ìbéèrè yín gbọ́. Bàbá, ẹ ràn mí lọ́wọ́ ní ibì kan. Nínú ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó há sí ọ̀nà híítà kì í jáde, páǹpù ni ó ń gbá a jáde. Èé ṣe tí ti ilé fi yàtọ̀?

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Ìbéèrè rẹ dára. Nínú ọkọ̀, ibi kan ṣoṣo ni o ní láti gba afẹ́fẹ́ jáde, ìyẹn ẹnu rédíétọ̀ tàbí ike omi, o sì ní láti gbá afẹ́fẹ́ láti gbogbo kọ̀rọ̀ wá sí ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí páǹpù fi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Nínú ilé, rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ ní ibi tí ó ga jù lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ fi páǹpù gbá.

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo tún padà wá. Gbogbo rédíétọ̀ ṣì gbóná dáadáa, àyàfi ti yàrá Tìtí. Òkè rẹ̀ tún ti ń tutù, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, nǹkan bí ìka mẹ́rin láti òkè. Táǹkì kékeré ní omi, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ó tú afẹ́fẹ́ náà, ó jáde fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 15, omi dúdú sì tẹ̀ lé e. Níbo ni afẹ́fẹ́ tuntun yìí ti ń wá?

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Omi dúdú yẹn ni mo ń wò. Mo rò pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìgbà yìí. Bí irin bá ń dógùn-ún nínú omi tí kò ní ọ́síjìn, gáàsì haidirójìn a máa jáde lára rẹ̀, gáàsì yìí ni yóò sì máa kóra jọ sí òkè rédíétọ̀. Omi tuntun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wọlé, oògùn tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi kí irin má bàa dógùn-ún ti pòórá tàbí kí ó ti là jù. Kí onílé ní kí púlọ́mbà rẹ̀ da oògùn náà sí i ní ìwọ̀n tí a kọ sí ara ìgò rẹ̀. Nítorí irú gáàsì yìí a máa gbiná, kí Tìtí má ṣe tan àbẹ́là tàbí ìṣáná nítòsí ibi tí ó bá ti ń tú u.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n púlọ́mbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọ̀rẹ́ mi rí ohun mìíràn nínú ilé tí ó ní táǹkì ní àjà. Páípù kan wà tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀ sí orí táǹkì kékeré náà. Ó ní nígbà tí páǹpù bá ń ṣiṣẹ́ jù, omi a máa gba páípù yẹn ta sínú táǹkì, yóò sì máa gbé afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà. Ṣé kò lè jẹ́ ìyẹn?

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Ó lè jẹ́ ìyẹn, n kò lè sẹ́ ẹ láti Ìpẹru níbí. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí ó bá sì ń wọlé bẹ́ẹ̀ yóò mú irin dógùn-ún kíákíá, omi yóò dúdú bákan náà, nítorí náà dúdú omi nìkan kò yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyẹn, mo rò pé kò ní jẹ́ rédíétọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa kó afẹ́fẹ́ jọ. Kí ó gun àjà nígbà tí bọ́ílà ń ṣiṣẹ́, kí ó wo ẹnu páípù tí ó tẹ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá ń kán tàbí ń ta níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni ó tọ̀nà, oògùn nìkan kò sì ní yanjú rẹ̀, wọ́n ní láti tún ipò páǹpù àti páípù wò.

Ìyá Tìtí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti gun ibẹ̀ ní àná. Ó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò rí ẹ̀kán omi kankan, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu páípù náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ nígbà tí ó fi ọwọ́ kàn án, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Onílé ti gbà pé òun yóò rán púlọ́mbà wá ní ọjọ́rú tí ń bọ̀. Kí ó tó dé, Tìtí ti lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri lẹ́bàá rédíétọ̀ náà, ó ń kọ ọjọ́ tí ó tú u àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí afẹ́fẹ́ fi jáde sí i.

Bàbá Púlọ́mbà, Ìpẹru

Lílọ́ wọ́ọ́wọ́ yẹn mú mi ronú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ó fi ìwé náà han púlọ́mbà, kí ó sì sọ ti páípù fún un pẹ̀lú. Ẹ bá mi kọ ohun tí ó bá wí síbí.